Ajá lọ fowó pamọ́: bí a ṣe sọ àwòrán ẹ̀fẹ̀ alápòótí mẹ́rin di Yorùbá

Ajá kan àti ewúrẹ́ kan ló wà nínú àwòrán náà. Àpótí mẹ́rin ni, ó fẹ̀ tó mílímítà 200, ó sì ga tó 62. Gẹ̀ẹ́sì ni ayàwòrán kọ sínú bàlúùnù ọ̀rọ̀ wọn. A fẹ́ lò ó fún àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ Yorùbá kíkà lọ́dọ̀ wa ní Táńkẹ̀, Ìlọrin, láràárọ̀ Sátidé. Ayàwòrán náà fún wa ní méjìlá, ṣùgbọ́n eléyìí ló gba ọgbọ́n jù lọ. Òun nìkan ni màá tẹ̀ lé nínú àkọsílẹ̀ yìí, nítorí ohun tó bá ṣiṣẹ́ fún un máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù.

Ìwé ìyọ̀ǹda la kọ́kọ́ wá. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, fi ìtumọ̀ iṣẹ́ sábẹ́ àṣẹ ẹni tó ni iṣẹ́ náà, nítorí náà ẹ má sọ pé torí ọmọdé ni ẹ ṣe ń ṣe é. Ayàwòrán gbà. Ó ní kí a fi hàn án kí a tó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi fáìlì ránṣẹ́: bàlúùnù wà nínú fáìlì `.svg`, àwòrán fúnra rẹ̀ jẹ́ `.png`. Àwọn ìró tí ó fọwọ́ kọ sára àwòrán ti lẹ̀ mọ́ `.png` yẹn, kò sí ìpele tí a lè pa tàbí ṣí.

Irinṣẹ́: kọ̀ǹpútà kan, Inkscape fún bàlúùnù, GIMP fún àwòrán (ọ̀fẹ́ ni méjèèjì), fọ́ǹtì Andika, rúlà, pẹ́ńsùlù, àti báfù omi kan. Mo máa sọ iṣẹ́ tí báfù ṣe.

1. Ẹ ka àwòrán kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀

Mo bo gbogbo bàlúùnù pẹ̀lú bébà, mo sì kọ ohun tí ojú rí sílẹ̀.

Àpótí 1: ajá gbé àpò ńlá kọ́ èjìká, àpò náà ń dún. Ewúrẹ́ dá a dúró.
Àpótí 2: ajá ń dáhùn, ó gbéra ga díẹ̀.
Àpótí 3: ajá wà létí odò, àpò ti bọ́ sínú omi, ìró gàgàrà gba ìdajì àpótí.
Àpótí 4: omi ń tàn kálẹ̀, ajá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ewúrẹ́ la ẹnu sílẹ̀.

Ẹ̀rín Gẹ̀ẹ́sì dúró lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ ilé ìfowópamọ́, tó sì tún jẹ́ etí odò. Ajá sọ pé òun ń gbé owó lọ síbẹ̀, a rò pé báńkì ni, ó sì lọ sí etí odò. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ru ìtumọ̀ méjèèjì yẹn. Ohun tí a kò lè yí padà ni àpò, odò, àti ojú ajá ní àpótí kẹrin. Ojú yẹn ló ṣe pàtàkì jù, nítorí inú ajá ń dùn: lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ọgbọ́n ló ṣe. Ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí a bá fi sí i lẹ́nu gbọ́dọ̀ bá ayọ̀ yẹn mu.

2. Ẹ̀fẹ̀

Ìgbìyànjú kìíní: a túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà, a sì fi àlàyé kékeré sísàlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìtumọ̀ méjì. Àwọn ọmọ ka àlàyé náà tán, wọ́n mirí. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Ìgbìyànjú kejì: a sọ ọ́ di ti Ìlọrin. Ajá ń lọ sí báńkì kan tó wà létí odò Àsà. Odò Àsà gba àárín ìlú kọjá, gbogbo ọmọ ló mọ̀ ọ́n, a rò pé ìyẹn máa tó. Ìbéèrè tí ọmọbìnrin kan bi wá ló fọ́ ọ: "Kí ló dé tí kò wọlé?" Bí báńkì bá wà létí odò, ajá tó da owó sómi kàn ya wèrè ni, kò sí ọ̀rọ̀ tó tàn án.

Ìgbìyànjú kẹta: a fẹ́ fi owó àti ọwọ́ ṣeré. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí, nítorí gbogbo ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ló máa kọ́kọ́ sáré lọ síbẹ̀. Yorùbá kún fún ọ̀rọ̀ tó jọra láìka ohùn sí, ṣùgbọ́n tí a bá ti fi àmì sí wọn, ojú ti rí ìyàtọ̀ kí ẹ̀rín tó dé. Tí a bá yọ àmì kúrò kí ẹ̀rín lè wà, ọmọ tó ń kọ́ kíkà máa ṣì í kà. Irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ dùn lẹ́nu aláwàdà tó ń fi ohùn ṣeré, kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn nínú bàlúùnù.

Ohun tí a ń wá ni ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kò yí, tí ohùn rẹ̀ kò yí, àmọ́ tó ní ìtumọ̀ méjì. Mo kọ gbogbo ohun tí ènìyàn lè fi owó ṣe sílẹ̀: ná an, yá a, kó o, jẹ ẹ́, sọ ọ́ nù, fi í pamọ́. "Jẹ owó" dára púpọ̀, torí ẹni tó jẹ owó lè jẹ gbèsè, ó lè lù ú ní póńpó, ó sì lè jẹ́ ewúrẹ́ tó jẹ bébà owó ní tòótọ́. Kò sí odò nínú rẹ̀ ni, nítorí náà a tọ́jú rẹ̀ fún àwòrán mìíràn. "Fi owó pamọ́" ló wọlé. Ẹni tó fi owó sí báńkì fi í pamọ́. Ẹni tó gbé nǹkan sí ibi tí ojú kò tó fi í pamọ́. Báńkì gan-an, ilé ìfowópamọ́ ni à ń pè é, nítorí náà ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà máa kọ́kọ́ ronú báńkì láìjẹ́ pé a dárúkọ rẹ̀.

Bí ó ṣe kọ́kọ́ jáde nìyí, ní àpótí 4:

Ajá: "Mo ti fi í pamọ́ síbi tó dára."
Ewúrẹ́: "O ti fi í pamọ́ lóòótọ́, kódà ìwọ gan-an kò ní rí i mọ́!"

Ewúrẹ́ ń ṣàlàyé ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ "pamọ́" sì tún padà wá nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. A gé e títí ó fi di èyí:

Àpótí 1, Ewúrẹ́: "Níbo lò ń gbé ẹrù yẹn lọ?"
Àpótí 2, Ajá: "Mò ń lọ fowó mi pamọ́."
Àpótí 3: ìró nìkan.
Àpótí 4, Ajá: "Kò sólè tó máa rí i!" Ewúrẹ́: "Ìwọ náà ńkọ́?"

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ní àpótí 4 dúdú ju àwọn yòókù lọ kí a lè mọ̀ pé orí rẹ̀ ni ohùn tẹ̀ mọ́. Ẹ má fi lẹ́tà dúdú ṣe ìyẹn ní Yorùbá. Yorùbá kì í fi ìtẹ̀mọ́ ohùn ṣe é, ètò ọ̀rọ̀ ló ń lò: "ìwọ" dípò "o", tàbí kí a fi "ni" gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú. "Ìwọ náà" ti tẹ ibi tó yẹ mọ́lẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́ fọ́ǹtì.

Gẹ̀ẹ́sì kò sọ fún wa bóyá ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì tàbí ọ̀kan ju èkejì lọ, Yorùbá sì ń fi ipá béèrè. A gbìyànjú kí ajá jẹ́ àgbà, kí ewúrẹ́ máa pè é ní "ẹ̀yin". "Ẹ̀yin náà ńkọ́?" di ìbéèrè ọmọlúàbí tó dà bíi pé ó ń béèrè àlàáfíà ajá. Ó pani lẹ́rìn-ín lọ́nà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹnu tí ewúrẹ́ là sílẹ̀ kò bá a mu. A fi wọ́n sílẹ̀ ní ẹgbẹ́.

Bí a ṣe dán an wò: a bo àpótí 3 àti 4, a ní kí ọmọ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Tó bá ní ajá ń lọ sí báńkì, tàbí sí ọ̀dọ̀ alájọ, "pamọ́" ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá dárúkọ odò tàbí kòtò, ọ̀rọ̀ ti tú àṣírí jù. Nígbà tí a fi "síbì kan" kún un ní àpótí 2, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó fẹ́ rì í mọ́lẹ̀, nítorí náà a yọ ọ́.

Mo kọ̀wé sí ayàwòrán pé ẹ̀fẹ̀ náà ti yí. Ti Gẹ̀ẹ́sì ń rẹ́rìn-ín ajá tó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Tiwa ń rẹ́rìn-ín ajá tó fi owó pamọ́ dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò ti ní rí i. Ó ní kò burú.

3. Ìró

Ìró méjì ló wà: owó tó ń dún nínú àpò, àti àpò tó bọ́ sómi. Àwọn kan gbà pé kí a kọ ìró Gẹ̀ẹ́sì ní lẹ́tà Yorùbá, ó parí. Mo lòdì sí i, nítorí Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ìró tó pọ̀ débi pé onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bíi Yíwọlá Awóyalé, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìlọrin, kọ iṣẹ́ lórí wọn.

Ìṣòro kan wà. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìró wa kì í dá rìn, ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń bá lọ. Ó fọ́ yángá. Ó kọjá fìrì. Ilé pa lọ́lọ́. Nínú àwòrán kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe, àwòrán ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Nítorí náà, ìró tí ẹ máa yàn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tó ń wo àwòrán máa fi ọ̀rọ̀-ìṣe tó tọ́ kún un fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ìró náà, kí ẹ ní kí ẹnìkan sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn kan. Tí ọ̀rọ̀-ìṣe tó lò bá bá àwòrán mu, ìró ti wọ̀.

Ohun kejì ni ìwúwo. Róbótó kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ròbòtò: èkíní kéré, èkejì tóbi. Bẹ́ẹ̀ náà ni rógódó àti rògòdò. Ohùn òkè ń sọ nǹkan di kékeré tàbí fúyẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ ń sọ ọ́ di ńlá. Èyí ló ràn wá lọ́wọ́ ní àpótí 1. "Wóró wóró" ni owó ẹyọ díẹ̀, ajá tálákà nìyẹn. "Wòrò wòrò" wúwo, àpò náà sì kún. Àmì ohùn nìkan ló yàtọ̀, lẹ́tà kò yí, àmọ́ ọ̀kan bá àpò inú àwòrán mu, èkejì kò bá a mu. Ẹni tó bá kọ ìró láìsí àmì ti sọ ìwúwo nǹkan nù.

Fún omi, ìwé atúmọ̀ èdè kò ràn mí lọ́wọ́ tó bí mo ṣe fẹ́, ni mo bá bu omi kún báfù. Mo ju òkúta wẹ́wẹ́ sí i, lẹ́yìn náà ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù, mo ní kí àwọn ọmọ àti ìyá alẹ́kọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sọ ohun tí omi wí. Fún òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n sọ "tó", "tóú", "pọ́". Fún búlọ́ọ̀kù, "gbòbú", "jàbú", "gbìm̀". Kò sí ẹni tó fi ohùn òkè bẹ̀rẹ̀ ìró búlọ́ọ̀kù. Wọn kò gbà lórí lẹ́tà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà lórí ohùn.

"Gbìm̀" ni mo kọ́kọ́ fẹ́, nítorí ó kúrú. Ìdánwò gbólóhùn ló lé e kúrò: àwọn tó rí i láìrí àwòrán ní nǹkan wó lulẹ̀, tàbí ẹnìkan gbá ẹnìkan lẹ́yìn. Kò sí omi nínú rẹ̀. "Jàbú" ní omi, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń rí. A mú "gbòbú".

4. Pípa ìró àtijọ́ rẹ́, kíkọ tuntun

Ní ìwọ̀n 300 `dpi`, àwòrán náà jẹ́ 2362 × 732 píksẹ́lì. Ẹ má ṣiṣẹ́ lórí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀, torí etí lẹ́tà máa rí jákujàku nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Mo fi ìpele tuntun sórí àwòrán nínú GIMP, mo sì lo `Clone` láti fi ojú omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bo ìró Gẹ̀ẹ́sì. Omi rọrùn, ìlà rẹ̀ kò dọ́gba tẹ́lẹ̀. Ibi tí lẹ́tà ti gba orí ẹsẹ̀ ajá kọjá ni kò rọrùn, nítorí kò sí ẹsẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Dípò kí n yà ẹsẹ̀ fún ayàwòrán, mo gbé lẹ́tà tuntun kọjá ibẹ̀ gan-an. Ìyẹn ni ọ̀nà tó dára jù tí mo mọ̀: kí ìró tuntun jókòó sórí àtijọ́, kí ohun tí a máa tún yà lè dín kù.

Mo fi pẹ́ńsùlù kọ "GBÒBÚ" sórí bébà, mo yà á ní fọ́tò, mo sì tẹ̀ lé ìlà rẹ̀ nínú Inkscape. Ohun méjì la ṣọ́. G àti B ìró kan ṣoṣo ni, nítorí náà nígbà tí a bá tú lẹ́tà ká lórí ìlà tó tẹ̀, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ sún mọ́ra. Tí àyè bá wà láàárín wọn, ọmọ máa kà á ní "gi, bi". Ìkejì, a kò lẹ àmì ohùn mọ́ ọn lẹ́yìn, a yà á pọ̀ mọ́ lẹ́tà. Àmì tó wà lórí Ò ń sọ̀ kalẹ̀, a yà á bí ipa ọ̀nà àpò tó ń já bọ́. Àmì orí Ú ń gòkè, a sọ ọ́ di omi tó ta sókè. Ó wá dà bíi pé àwòrán náà ti ń retí àmì yẹn.

5. Bàlúùnù àti fọ́ǹtì

Fọ́ǹtì tí ayàwòrán lò kò ní àyè fún wa. Lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀, kò sì mọ ibi tí àmì ohùn ń jókòó. Nínú "PAMỌ́", àmì fò lọ sórí ibòmíràn. Kí ẹ tó gbára lé fọ́ǹtì kankan, ẹ tẹ ìlà yìí wò:

```
ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ ń ǹ  Ẹ́ Ẹ̀ Ọ́ Ọ̀ Ṣ
```

Ṣ, ẹ àti ọ ní ààyè tiwọn nínú Yúníkóòdù (ọ jẹ́ `U+1ECD`), ṣùgbọ́n ọ́ kò ní. Ọ àti àmì òkè, `U+0301`, ni wọ́n jọ ń dá a, fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa to wọ́n. Bí àmì bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí àpótí òfìfo bá jáde, ẹ pa fọ́ǹtì náà tì. Andika tò wọ́n dáadáa, ó sì rọrùn fún ọmọdé láti kà, torí àwọn tó ń kọ́ kíkà ni wọ́n ṣe é fún.

Ìdí mìíràn wà tí a fi kúrò lórí lẹ́tà ńlá. Àmì tó wà lórí lẹ́tà ńlá ga ju ìlà lọ, àmì ìsàlẹ̀ Ọ ti ìlà òkè sì ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ìlà méjì ní lẹ́tà ńlá, ẹ máa rí i pé wọ́n ń fẹnu ko ara wọn. Lẹ́tà kékeré, ìwọ̀n 8, àlàfo ìlà 1.5, ló bá wa lára mu. Gẹ̀ẹ́sì lo 1.1.

Àlàfo yẹn ń jẹ àyè. Bàlúùnù ajá ní àpótí 2 ga tó mílímítà 15. Ìlà mẹ́ta pẹ̀lú àlàfo 1.5 máa gba nǹkan bíi 12.7, èyí tí kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jìnnà sí etí bàlúùnù. A sọ ọ́ di ìlà méjì:

Mò ń lọ
fowó mi pamọ́.

Ó gba nǹkan bíi 8.5, àyè sì ṣẹ́ kù. Kì í ṣe ibi tó bá ṣáà fẹ̀ ni ẹ máa gé ìlà sí. "Pamọ́" gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, kí ojú kúrò lórí rẹ̀ tààrà bọ́ sí àpótí 3.

Kí ẹ tó gbé fáìlì lọ sí ibi ìtẹ̀wé, ẹ lo `Path > Object to Path`, nítorí kọ̀ǹpútà wọn lè má ní fọ́ǹtì yín, ó sì máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láìsọ fún yín. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà mìíràn tí ọ̀rọ̀ ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, torí lẹ́yìn tí ẹ bá sọ ọ́ di ìlà, ẹ kò lè tún ọ̀rọ̀ kan kọ mọ́.

6. Títẹ̀, iye owó, àti ohun tó kù

₦200 ni wọ́n gbà lórí ojú ìwé aláwọ̀ kan, ₦50 lórí ẹ̀dà dúdú-òun-funfun. Mo tẹ aláwọ̀ kan fún ara ògiri, ogún ẹ̀dà dúdú fún àwọn ọmọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,200. Nínú ẹ̀dà dúdú, "wòrò wòrò" ní àpótí 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, torí pupa rẹ̀ àti àwọ̀ ewé ẹ̀yìn rẹ̀ di eérú kan náà. A fi ìlà funfun yí i ká, ó sì yọ.

Àwọn ọmọ méjì tó wá láti Òmù-Àrán, tí wọ́n ń sọ Ìgbómìnà nílé, kò ní ìṣòro pẹ̀lú bàlúùnù. Ṣùgbọ́n wọ́n ní "wòrò wòrò" lè jẹ́ ṣaworo. A kò yí i padà, àpò wà níbẹ̀ láti dáhùn.

Nínú àwọn mọ́kànlá yòókù, ọ̀kan dúró pátápátá lórí bí a ṣe ń pe lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan tó dún bí ọ̀rọ̀ mìíràn, lẹ́tà náà sì ni wọ́n yà gàdàgbà sáàárín àwòrán. A kò rí ọ̀nà kankan gbé e gbà, a dá a padà fún ayàwòrán. Ó ní òun máa yà òmíràn tí kò ní lẹ́tà nínú.